Bíbílíọ́gíráfì alálàyé: báwo la ṣe ń kọ ti átíkù jọ́nà kan ṣoṣo? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ó ti sú mi láti máa dá ìbéèrè yìí lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo bá kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí. Èèyàn á ti ka átíkù tán, á ti yé e, àmọ́ tí lẹ́kíṣọ́rà bá ti ní kó kọ pálágíráfù kan péré tó máa sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ kó sì tún wọ̀n ọ́n wò, ọwọ́ á kàn dúró lórí kíbọ́ọ̀dù ni. Átíkù kan ṣoṣo la máa lò látòkè délẹ̀, ká lè rí bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ.

Kí tiẹ̀ ni bíbílíọ́gíráfì alálàyé yìí?

Ṣé ẹ mọ réfúrẹ́ǹsì tí ẹ máa ń tò sẹ́yìn próójẹ́ẹ̀tì, orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún, àkọlé, jọ́nà? Nǹkan kan náà ni, àmọ́ lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, ẹ máa kọ pálágíráfù kan tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Àwọn lẹ́kíṣọ́rà kan ò fẹ́ ju àkópọ̀ lọ, ìyẹn pé kí ẹ kàn sọ ohun tí òǹkọ̀wé sọ. Àwọn míì fẹ́ àkópọ̀ àti ìgbéléwọ̀n, ìyẹn pé kí ẹ sọ ohun tó sọ kí ẹ sì tún sọ bó ṣe múná dóko tó. Èyí kejì yìí ló máa ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu, òun la sì ń sọ níbí.

Gígùn ẹ̀ sábà máa ń wà láàárín ọ̀rọ̀ 100 sí 200, àmọ́ tí wọ́n bá ti kọ iye kan sínú ìbéèrè iṣẹ́ yín, iye yẹn ni kẹ́ ẹ tẹ̀lé, ẹ má tẹ̀lé tèmi.

Átíkù wo la máa lò?

Èyí tí Pam Mueller àti Daniel Oppenheimer kọ ní 2014 lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi láàpútọ́ọ̀pù jọ́ọ̀tì nóòtì àtàwọn tó ń fi bíró kọ ọ́. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbọ́ nípa ẹ̀ láìmọ orúkọ ẹ̀, torí tí ẹnikẹ́ni bá ti ní "ìwádìí ti fi hàn pé kéèyàn fi ọwọ́ kọ nóòtì ló dáa jù", àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ òun ló ń sọ. Mo mú un torí pé kò gùn, ojú ìwé mẹ́wàá ni, kò sí ìṣirò tó máa dẹ́rù bani nínú ẹ̀, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó jáde wà lára ohun tí ìgbéléwọ̀n gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Bí ẹ ṣe máa tẹ̀ ẹ́ sókè nìyí tó bá jẹ́ APA lẹ̀ ń lò:

```
Mueller, P. A., & Oppenheimer, D. M. (2014). The pen is
    mightier than the keyboard: Advantages of longhand over
    laptop note taking. Psychological Science, 25(6),
    1159–1168. https://doi.org/10.1177/0956797614524581
```

Orúkọ jọ́nà àti nọ́ńbà 25 yẹn máa dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn ítálíìkì. Ìlà àkọ́kọ́ máa kan etí ìwé, èyí tó kù á wọlé díẹ̀. Pálágíráfù àlàyé yín á bẹ̀rẹ̀ lórí ìlà tuntun lábẹ́ ẹ̀, gbogbo ẹ̀ náà á sì wọlé láti apá òsì, ààbọ̀ ínǹṣì. Ó parí, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ fọ́máàtì gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lọ́wọ́ yín, mo ti rí ẹni tó fi odidi ìrọ̀lẹ́ tún etí ìwé ṣe tí kò sì tíì ka átíkù náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mi ò lè ka ábísítíráàtì nìkan? Átíkù 20 ni wọ́n fún wa.

Mo mọ̀ pé ìyẹn lẹ̀ ń ṣe. Èmi náà ṣe é rí, tí súpáfáísọ̀ mi sì bi mí pé "àwọn mélòó ni wọ́n lò fún ìwádìí náà?", mo kàn ń wo ilẹ̀ ni.

Ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú átíkù tiwa yìí. Ábísítíráàtì ẹ̀ sọ pé nínú àyẹ̀wò mẹ́ta, àwọn tó fi láàpútọ́ọ̀pù jọ́ọ̀tì ò ṣe dáadáa tó àwọn tó fi ọwọ́ kọ ọ́ tó bá di ìbéèrè tó nílò òye, pé ohun tó sì fà á ni pé àwọn oníláàpútọ́ọ̀pù máa ń da ọ̀rọ̀ olùkọ́ kọ bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀ láìrò ó. Kò sírọ́ ńbẹ̀. Àmọ́ kò sọ iye èèyàn, kò sọ pé fídíò ni wọ́n wò dípò kíláàsì, kò sì sọ pé nínú àyẹ̀wò kẹta, àwọn tí wọn ò fún láàyè láti tún nóòtì wọn kà ò yàtọ̀ síra wọn, yálà bíró ni wọ́n lò tàbí láàpútọ́ọ̀pù. Inú átíkù gan-an ni ẹ ti máa rí ìyẹn, ohun tí ẹ sì máa fi ṣe ìgbéléwọ̀n nìyẹn. Ẹni tó bá ka ábísítíráàtì nìkan ò ní ohun tó máa fi wọ̀n ọ́n, ló ṣe máa ń parí ẹ̀ sí "átíkù yìí wúlò gan-an".

Tí àsìkò ò bá tó, ẹ ka ábísítíráàtì, kẹ́ ẹ fo ìtàn ìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti sọ bí wọ́n ṣe ṣe é àti ohun tí wọ́n rí, kẹ́ ẹ wá ka ojú ìwé tó kẹ́yìn. Tí átíkù ò bá gùn jù, ó lè máà tó wákàtí kan.

Kí ni kí n máa kọ sílẹ̀ bí mo ṣe ń kà á lọ?

Ohun mẹ́rin ni mo máa ń wá: kí ni wọ́n fẹ́ mọ̀, kí ni wọ́n ṣe, kí ni wọ́n rí, kí ni wọ́n ní ó fà á. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin yẹn, ẹ má pa wọ́n pọ̀ o, torí ohun tí wọ́n rí jẹ́ ohun kan, ohun tí wọ́n rò pé ó fà á sì lè jẹ́ nǹkan míì pátápátá.

Ti átíkù wa rèé bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé pélébé. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́: akẹ́kọ̀ọ́ 67 ní Yunifásítì Princeton, wọ́n wo fídíò TED tó gbà bíi ìṣẹ́jú 15, àwọn kan jọ́ọ̀tì pẹ̀lú ọwọ́, àwọn kan pẹ̀lú láàpútọ́ọ̀pù tí ò ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fún wọn níṣẹ́ míì ṣe kí ọkàn wọn kúrò níbẹ̀, lẹ́yìn bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wọ́n dán wọn wò. Ìbéèrè oríṣi méjì ni: èyí tó ń béèrè ohun tí wọ́n sọ gan-an, bí ọdún tí nǹkan kan ṣẹlẹ̀, àti èyí tó ń béèrè òye, bíi pé kí ló yàtọ̀ láàárín ohun tí orílẹ̀-èdè méjì ṣe. Lórí oríṣi àkọ́kọ́, kò síyàtọ̀ kankan. Lórí ìkejì, àwọn oníbíró ló ṣe dáadáa jù. Àwọn oníláàpútọ́ọ̀pù kọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù, bíi 310 sí bíi 173, púpọ̀ nínú ẹ̀ ló sì jẹ́ ọ̀rọ̀ olùbánisọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́.

Àyẹ̀wò kejì: akẹ́kọ̀ọ́ 151 ní Yunifásítì Kalifóníà ní Los Angeles. Wọ́n fi ẹgbẹ́ kẹta kún un, àwọn oníláàpútọ́ọ̀pù tí wọ́n kìlọ̀ fún pé kí wọ́n má da ọ̀rọ̀ kọ bó ṣe wà. Ìkìlọ̀ yẹn ò ṣiṣẹ́, wọ́n ṣì ń dà á kọ. (Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, torí bí èmi náà ṣe ń ṣe nìyẹn.)

Àyẹ̀wò kẹta: àwọn 109 ní ilé-ìwé kan náà, ọ̀sẹ̀ kan ló wà láàárín ẹ̀kọ́ àti ìdánwò, wọ́n sì fún ìdajì wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti tún nóòtì wọn wò kí wọ́n tó dáhùn. Àwọn tó fi ọwọ́ kọ tí wọ́n sì tún rí i kà ló borí gbogbo wọn.

Báwo ni mo ṣe máa wá fún gbogbo èyí mọ́ gbólóhùn mẹ́ta?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí wọ́n rí, kẹ́ ẹ wá padà sórí bí wọ́n ṣe ṣe é. Ọ̀pọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn: "Ní ayé òde òní, láàpútọ́ọ̀pù ti gbòde kan láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́..." tí ọ̀rọ̀ 30 á sì ti lọ lórí ohun tí gbogbo wa mọ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan tí kò dáa, mo ti pa ojú ẹ̀ dà díẹ̀ kẹ́nì kankan má bàa dá a mọ̀:

"Átíkù yìí dá lórí láàpútọ́ọ̀pù àti bíró. Àwọn òǹkọ̀wé ṣe ìwádìí lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì fi hàn pé àwọn tó ń fi ọwọ́ kọ nóòtì máa ń rántí ohun tí wọ́n kọ́ ju àwọn tó ń lo láàpútọ́ọ̀pù lọ."

Àṣìṣe méjì ló wà ńbẹ̀. Ìkíní, "dá lórí" ò sọ nǹkan kan fún wa, àkọlé átíkù ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìkejì ló burú jù: "rántí" kọ́ ni wọ́n rí! Lórí ìbéèrè tó kàn ń béèrè ohun tí wọ́n sọ, àwọn méjèèjì ò yàtọ̀ nínú àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Ìbéèrè òye ni ìyàtọ̀ wà. Ẹni tó bá ti ka átíkù náà máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹ ò kà á délẹ̀, lẹ́kíṣọ́rà yín sì ti kà á.

Bí mo ṣe máa tún un kọ rèé:

"Nínú àyẹ̀wò mẹ́ta, Mueller àti Oppenheimer rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fi láàpútọ́ọ̀pù jọ́ọ̀tì ọ̀rọ̀ inú fídíò kọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ ju àwọn tó lo bíró lọ, àmọ́ wọn ò ṣe dáadáa tó wọn lórí ìbéèrè òye. Wọ́n ní dída ọ̀rọ̀ kọ láìrò ó ló fà á."

Ẹ kíyè sí "rí i pé" àti "wọ́n ní". Ohun tí ojú wọn rí ni "rí i pé" wà fún, àlàyé tí wọ́n fún un ni "wọ́n ní" wà fún. Tẹ́ ẹ bá ń lo "fi hàn pé" fún gbogbo ẹ̀, ẹ ti gbà fún wọn kí ìgbéléwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò wá sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀n mọ́.

Ta wá ni mí tí mo fẹ́ máa gbé ọ̀jọ̀gbọ́n lé ìwọ̀n? Mi ò tíì gboyè kankan.

Àwọn tó ń bi mí ní ìbéèrè yìí pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, mo sì rò pé ilé la ti mú un wá, wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í bá àgbà jiyàn. Àmọ́ ẹni tó kọ átíkù kọ́ lẹ ń gbé lé ìwọ̀n. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń wò ni pé ẹ̀rí tó kó wá, ṣé ó tó gbé ohun tó sọ? Aláṣọ tó sọ fún yín pé yáàdì márùn-ún ni, tẹ́ ẹ wá wọ̀n ọ́n lójú ẹ̀, ẹ ò tíì bú u.

Ẹ wo bí ó ṣe rí nínú átíkù tiwa. Àwọn òǹkọ̀wé sọ ohun méjì: pé bíró sàn ju láàpútọ́ọ̀pù lọ fún òye, àti pé dída ọ̀rọ̀ kọ ló fà á. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ti àkọ́kọ́ ní agbára díẹ̀. Wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹgbẹ́ láìjẹ́ kí wọ́n yan fúnra wọn, wọ́n sì yọ íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò, torí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé Fesibúùkù ló gba ọkàn àwọn oníláàpútọ́ọ̀pù. Ìyẹn dáa. Àmọ́ nǹkan tó dáa yẹn náà ló pààlà fún un, torí tí íńtánẹ́ẹ̀tì ò bá sí, átíkù yìí ò lè sọ nǹkan kan fún wa nípa kíláàsì tí gbogbo èèyàn ti ń wo fóònù lábẹ́ tábìlì. Fídíò ìṣẹ́jú 15 tí ẹnì kan ò kọ́ rí, tí kò ní ìdánwò tó máa ka máàkì, kì í ṣe kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń ṣe fún odidi sẹ̀mẹ́sítà. Ẹ tún rántí ẹgbẹ́ tí wọn ò fún láàyè àtikà nínú àyẹ̀wò kẹta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, bíró ò ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ti ìkejì ni mo rò pé ibi tó ti rọ̀ wà. Kí wọ́n tó lè sọ pé dída ọ̀rọ̀ kọ ló fà á, ó yẹ kí wọ́n lè dá a dúró kí wọ́n sì wò ó bóyá òye á padà. Wọ́n gbìyànjú ẹ̀ nínú àyẹ̀wò kejì, ìkìlọ̀ yẹn, àmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọ́. Torí náà ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ ò ju pé àwọn nǹkan méjì ń rìn pọ̀, ìyẹn dída ọ̀rọ̀ kọ àti máàkì tó relẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìkíní ló fa ìkejì. Ó sì lè jẹ́ pé nǹkan míì ló fa méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá kọ gbólóhùn kan ṣoṣo lórí èyí, lẹ́kíṣọ́rà yín máa mọ̀ pé ẹ rò ó.

Ẹ ò rí i pé mi ò lo ìmọ̀ tó ga kankan? Bí wọ́n ṣe sọ pé àwọn ṣe é nìkan ni mo tẹ̀lé, tí mo ń bi ara mi pé ṣé ìyẹn tó.

Ṣé mo lè kọ ọ́ pé àwọn tí wọ́n lò kéré?

Ẹ lè kọ ọ́, àmọ́ ẹ sọ ìdí. "Wọ́n kéré" lásán ti di ohun tí gbogbo èèyàn máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí átíkù bí sítáḿpù. Kéré sí kí ni? Nínú àyẹ̀wò àkọ́kọ́, tẹ́ ẹ bá pín 67 sí méjì, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á ní bíi 33, tí èèyàn bá sì kéré tó yẹn, ìyàtọ̀ tó bá hàn lè jẹ́ oríire, ó lè má yọjú mọ́ tẹ́lòmíì bá ṣe é. Ìyẹn nítumọ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, bí ẹ ṣe máa rí i nísàlẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tí àwọn míì ti sọ nípa ẹ̀?

Ẹ tẹ àkọlé ẹ̀ sínú Google Scholar, kẹ́ ẹ tẹ `Cited by` tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ó máa pọ̀, torí náà ẹ fi àmì sí àpótí kékeré tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ wá ọ̀rọ̀ láàárín wọn, kẹ́ ẹ wá tẹ `replication`. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n máa ń lò tí ẹlòmíì bá tún àyẹ̀wò kan ṣe.

Méjì ló ṣe pàtàkì fún tiwa. Ní 2019, Morehead, Dunlosky àti Rawson tún un ṣe, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ lójú sí i, èsì wọn ò dúró bíi ti àkọ́kọ́. Ní 2021, Heather Urry àti ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tún àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ṣe pẹ̀lú èèyàn 142, inú jọ́nà kan náà ló sì jáde sí. Wọ́n rí i pé lóòótọ́ làwọn oníláàpútọ́ọ̀pù kọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù tí wọ́n sì dà á kọ, àmọ́ lórí ìbéèrè òye, wọn ò rí ìyàtọ̀ tó ṣeé gbára lé. Wọ́n kó ìwádìí mẹ́jọ tó jọra wọn jọ, ibi kan náà ló ń tọ́ka sí.

Ẹ rò ó wò: ìwọ̀nba tí wọ́n tún rí ni dída ọ̀rọ̀ kọ. Ìpalára tí wọ́n ní ó ń ṣe ni wọn ò rí. Ẹ rí i pé ibi tó rọ̀ tí a fọwọ́ kàn lókè náà ló tún jáde.

Ẹ tún wo ojú ewé átíkù náà lórí sáìtì jọ́nà fúnra ẹ̀, bóyá wọ́n gbé àtúnṣe jáde. Èyí ní ọ̀kan, 2018. Tẹ́ ẹ bá ń fa nọ́ńbà yọ látinú átíkù, ẹ fi wé àtúnṣe yẹn kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀. PDF tí ọ̀rẹ́ yín fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù ò ní sọ ìyẹn fún yín.

Ṣé ó wá túmọ̀ sí pé átíkù náà ò dáa, kí n yọ ọ́ kúrò?

Rárá o. Òun ló dá ìbéèrè náà sílẹ̀, èyí tó ń takò ó gan-an ò ní yé èèyàn láìsí i. Ẹ fi í sílẹ̀, àmọ́ ẹ kọ ọ́ pé kò ṣeé dá gbára lé lórí ọ̀rọ̀ òye. Ìgbéléwọ̀n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lè gba apá kan kẹ́ ẹ sì fi apá kan sílẹ̀, kẹ́ ẹ sáà ti sọ èwo ni èwo.

Lẹ́kíṣọ́rà mi fa ìlà pupa sí "átíkù yìí wúlò fún iṣẹ́ mi". Kí ló ṣe?

Torí kò sọ ohun tó wúlò fún. Ẹ gé orúkọ átíkù kúrò kẹ́ ẹ lẹ gbólóhùn yẹn mọ́ ti ìrẹsì tàbí ti ibà, ṣé kò ní bá a mu? Tó bá bá a mu, ẹ pa á rẹ́.

Ká ní iṣẹ́ tiyín dá lórí bóyá ó yẹ kí ilé-ìwé kan fòfin de láàpútọ́ọ̀pù nínú kíláàsì. Ẹ lè kọ pé: "Ó máa jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí èrò òfin yìí ti wá, àmọ́ torí pé kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì nínú ẹ̀, mi ò lè lò ó fún apá tó dá lórí ohun tó ń gba ọkàn akẹ́kọ̀ọ́." Ká ní tẹlòmíì dá lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi fóònù jọ́ọ̀tì, èyí tó pọ̀ gan-an lọ́dọ̀ wa, òun á kọ ọ́ pé kò sí fóònù nínú ìwádìí náà, pé àbá tó lè dán wò lórí fóònù ló máa mú nínú ẹ̀. Átíkù kan náà ni, gbólóhùn ìparí ò jọra.

Ẹ jẹ́ ká rí odidi ẹ̀.

Ó dáa. Ẹ fojú inú wo réfúrẹ́ǹsì òkè yẹn lórí ẹ̀. Iṣẹ́ lórí òfin láàpútọ́ọ̀pù ni mo mú, ẹ̀yin máa kọ tiyín ní èdè tí ilé-ìwé yín bá ń lò.

> Mueller àti Oppenheimer béèrè bóyá láàpútọ́ọ̀pù máa ń dín òye kù kódà tó bá jẹ́ nóòtì nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ ń fi í jọ́ọ̀tì. Nínú àyẹ̀wò mẹ́ta tí wọ́n ṣe ní yunifásítì méjì ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé àwọn tó lo láàpútọ́ọ̀pù kọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù, wọ́n sì da ọ̀rọ̀ olùbánisọ̀rọ̀ kọ, àmọ́ àwọn tó lo bíró ló ṣe dáadáa jù lórí ìbéèrè òye. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kìkì àwọn oníbíró tó tún nóòtì wọn kà ló ṣì ń borí. Wọ́n ní dída ọ̀rọ̀ kọ láìrò ó ló fà á. Yíyọ tí wọ́n yọ íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò mú kí ìfiwéra náà mọ́, àmọ́ ìkìlọ̀ tí wọ́n fún àwọn kan pé kí wọ́n má da ọ̀rọ̀ kọ ò ṣiṣẹ́, torí náà ìdí tí wọ́n sọ kò tíì fìdí múlẹ̀. Urry àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ṣe ní 2021 pẹ̀lú èèyàn 142, wọn ò sì rí ìyàtọ̀ kan gúnmọ́ lórí òye. Mo máa lo átíkù yìí láti fi ibi tí èrò fífòfin de láàpútọ́ọ̀pù ti wá hàn, mi ò ní lò ó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé òfin náà máa ṣiṣẹ́.

Àkópọ̀ gba bíi ìdajì, ìgbéléwọ̀n gba èyí tó pọ̀ nínú ìyókù, ìwúlò gba gbólóhùn kan. Mi ò fi rúlà wọ̀n ọ́n o, bó ṣe jáde nìyẹn.

Tèmi ti di ọ̀rọ̀ 260, wọ́n sì ní 150. Kí ni kí n gé?

Ẹ kọ́kọ́ gé ohun tó wà nínú réfúrẹ́ǹsì tẹ́lẹ̀: àkọlé, ọdún, orúkọ jọ́nà. Lẹ́yìn náà ẹ gé ipò òǹkọ̀wé, "ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbajúmọ̀ ní..." àtàwọn ẹbí ẹ̀. Tó bá ṣì gùn, ẹ fi àyẹ̀wò mẹ́ta sínú gbólóhùn kan bí mo ṣe ṣe lókè yẹn. Ẹ má fọwọ́ kan ìdí tó wà nínú ìgbéléwọ̀n yín, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ gé, torí ó dà bíi pé èrò tiwọn ni, tí òǹkọ̀wé sì ṣe pàtàkì ju tiwọn lọ.

Ṣé mo lè kọ "èmi" nínú ẹ̀?

Nínú gbólóhùn ìwúlò, bẹ́ẹ̀ ni, àyàfi tí lẹ́kíṣọ́rà yín bá ti ní kò gbọ́dọ̀ sí. Nínú ìgbéléwọ̀n, ẹ ò nílò "mo rò pé". Ẹ kàn sọ ibi tó ti rọ̀ àti ìdí ẹ̀.

Tí mo bá wá yí kókó iṣẹ́ mi padà ńkọ́, ṣé màá tún gbogbo ẹ̀ kọ ni?

Àkópọ̀ ò ní yí, ohun tí wọ́n rí ni wọ́n rí. Ìgbéléwọ̀n lè yí díẹ̀, torí ibi tó ti rọ̀ fún ìbéèrè kan lè má kan ìbéèrè míì: tẹ́ ẹ bá kúrò lórí òfin láàpútọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ bọ́ sórí bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń da ọ̀rọ̀ kọ, àìsí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan mọ́, ìkìlọ̀ tí ò ṣiṣẹ́ yẹn lá wá di ọ̀gá. Gbólóhùn ìwúlò lẹ máa tún kọ látìbẹ̀rẹ̀. Èmi máa ń fi í sórí ìlà tiẹ̀ nínú fáìlì mi títí di ọjọ́ tí mo bá fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó lè rọrùn láti yọ.